Èpè tó lórúkọ àti èpè tí a rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹnìkan bá jí adìyẹ ìyá ìyá mi nígbà ayé wọn, wọ́n á ní "Olóde á bá a jà." Ìyá mi ní tiwọn, bó ti wù kí wọ́n bínú tó, "olóríire" ni wọ́n máa ń pariwo mọ́ wa. Ta ni Olóde? Ṣé èpè ni ti ìyá mi náà?

Ìdáhùn: Ti màmá yín kì í ṣe èpè, èpè tí wọ́n ti yí padà lórí ahọ́n ni. Ti ìyá àgbà ni èpè gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà rọ̀ ọ́ díẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu wọn, torí pé Olóde kọ́ ni orúkọ tí ẹni tí wọ́n ń pè ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya èpè sọ́tọ̀ kúrò lára èébú. Bí mo bá pè yín ní ọ̀lẹ tàbí olójúkòkòrò, mo bú yín ni, mo ń sọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Bí mo bá ní "Ògún á pa ẹ́," mi ò sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ rárá, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí yín ni mo sọ. Wò ó bó ṣe kéré tó, síbẹ̀ nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: ẹni tí yóò ṣe é, ohun tí yóò ṣe, àti ẹni tí yóò ṣe é fún. Ẹ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, torí nínú ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí Yorùbá ń dá láti rọ èpè, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni wọ́n ń yọ tàbí tí wọ́n ń pààrọ̀.

Ẹni tí yóò ṣe é ló gbé agbára èpè ró, a kì í sì í kàn mú òrìṣà èyíkéyìí. Olè àti òpùrọ́ ni wọ́n ń fi Ṣàngó ṣépè fún. Ẹni tó dalẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ní yóò mú un, torí orí ilẹ̀ ni wọ́n jọ dúró mulẹ̀. Ẹni tó búra èké, Ògún ló ni ín, ìyẹn náà ló sì fà á tí àwọn oníṣẹ̀ṣe fi ń fi irin búra ní kóòtù títí dòní, dípò Bíbélì tàbí Kùránì. Ẹ rí i pé bí ẹni tó lọ pe ẹjọ́ ni olúṣépè ṣe ń ṣe: ó mọ adájọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń bá obìnrin tó bá fi Ṣàngó ṣépè nítorí abẹ́rẹ́ tó sọnù wí. Èpè ò gbọdọ̀ tóbi ju ohun tó sọnù lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olóhun ni yóò jẹ̀bi.

Olóde wá ńkọ́? Orúkọ oyè ni. Ṣànpọ̀nná ni òrìṣà náà, ẹni tó ni ìgbóná tó máa ń fi ojú àpá sára. Nígbà tí àrùn yìí ń jà, ó lè pa ìdajì agboolé kan, ẹni tí kò bá sì pa, ó lè fọ́ ojú ẹ̀. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ló sábà máa ń wọ̀lú, nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ilẹ̀gbígbóná. Wọ́n tún ń pè é ní Ọbalúayé àti Alápadúpẹ́, ẹni tó ń pani tí a sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe àwàdà ni wọ́n fi ìyẹn ṣe. Nígbà náà, ẹni tí òrìṣà náà bá mú lọ, àwọn ẹbí ò gbọdọ̀ sunkún gbangba, àwọn àwòrò ẹ̀ ló ń sin òkú náà, wọ́n sì máa ń kó ẹrù olóògbé lọ.

Ibí yìí ni èpè ti di nǹkan mìíràn. Bí obìnrin kan bá sọ fún ọmọ orogún ẹ̀ pé "Ṣànpọ̀nná á pa ẹ́," tí àìsàn náà sì wọlé lóṣù tó tẹ̀ lé e, ta ni ará ilé yóò kọ́kọ́ wò lójú? Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn àwòrò kan pé wọ́n ń mú èépá ara aláìsàn lọ sílé ẹni tí wọ́n bá ń bá jà. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ìṣègùn l'Ékòó, wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní bòókẹ́lẹ́ kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lẹ́yìn ìwádìí ẹ̀ ni ìjọba àmúnisìn fòfin de ìsìn náà. Ẹ̀yin ẹ ro bí èpè yìí yóò ṣe rí létí ẹni tó ń gbé nígbà yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìhàlẹ̀ tí ẹnìkan lè mú ṣẹ ni.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sá fún orúkọ náà, kódà nínú ìbínú, ọ̀nà àkọ́kọ́ láti rọ èpè nìyẹn. Dídárúkọ ẹ̀ jẹ́ pípè é wá sílé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹni tí a rán an sí nìkan ni yóò dá dúró lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìyá àgbà yín fẹ́ kó bá olè adìyẹ jà, wọn ò fẹ́ kó yà sí ìyẹ̀wù àwọn, ni wọ́n bá pe oyè. Ẹ tún kíyè sí i pé "á bá a jà" ni wọ́n sọ, wọn ò ní "á pa á." Wọ́n rọ orúkọ, wọ́n rọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú, torí adìyẹ kan ò tó ikú èèyàn. Irú oyè bẹ́ẹ̀ ló bá àwọn èèyàn wa sọdá òkun: ní Kúbà, Babalú Ayé ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ní Bàhíà, Ọmọlú tàbí Ọbalúayé ni. Ọdún 1970 ni wọ́n rí àrùn náà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Èpè náà ṣì wà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ pé àìsàn ni.

Ti Ṣàngó gba ọ̀nà kan náà. Nínú ìtàn, lẹ́yìn tó pokùnso, àwọn ọ̀tá ẹ̀ ń kọrin pé "ọba so." Nígbà tí ààrá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé wọn, gbogbo ẹnu yí padà sí "ọba kò so." Títí di òní, bí ààrá bá sán, "Káwòó! Kábíyèsí!" ni àwọn olùsìn ẹ̀ ń ké, ìkíni ni wọ́n fi ń bo ẹ̀rù. Nínú èpè, àwọn tó ti di onígbàgbọ́ yọ orúkọ kúrò, wọ́n ní "ààrá á sán pa ẹ́." Ààrá lásán ni wọ́n dárúkọ, wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ògún á pa ẹ́" ṣe di "mọ́tò á gbá ẹ." Ó ṣì korò, ṣùgbọ́n kò lólúwa mọ́.

Ti àwọn òkú ọ̀run kúrú. Wọn kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń pani nínú èpè, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. "Bàbá mi ò ní sùn lọ́run" ni ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ń sọ, ó ti tó. Ẹ má fi "baba ńlá ẹ!" tí àwọn ọmọ ń pariwo ládùúgbò kún un. Kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ìyẹn, nítorí náà èébú ni. Ó kàn jẹ́ pé òkú tí kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara ẹ̀ ni wọ́n bú, ìyẹn ló fi ń dìjà kíá.

Ọ̀nà kejì ni kí a sọ èpè di ìbéèrè. Bí ọmọ bá ń sáré sọdá títì, ìyá ẹ̀ á ní "Ṣé kí mọ́tò gbá ẹ ni?" Bó bá ń ṣe wọ́nranwọ̀nran, "Ṣé o fẹ́ ya wèrè ni?" Gbogbo nǹkan mẹ́ta yẹn ṣì lè wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò lè ṣẹ. Ọmọ náà gbọ́ bí inú ti ń bí ìyá ẹ̀ tó, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tó balẹ̀ lé e lórí.

Ti màmá yín ni ọ̀nà kẹta, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ ìyá wúwo ju ti òrìṣà lọ fún ọmọ, nítorí ìkúnlẹ̀ abiyamọ àti ọmú tó mu. Ìyá ò nílò láti pe ẹnikẹ́ni, òun fúnra ẹ̀ ni ẹni tí yóò ṣe é. Kò sí orúkọ tó lè yọ, nítorí náà ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ọmọ ẹ̀ da ìkòkò ọbẹ̀ nù lálẹ́, owó ọjà ti tán. Ohùn ẹ̀ lọ sókè: "Kò ní dáa fún..." Ó rántí ara ẹ̀, ó gbé e gba ibòmíràn: "...ọ̀tá ẹ! Olóríire ọmọ!" Ohùn olóríburúkú ló fi sọ olóríire. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ohùn yẹn láti ìta láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yóò rò pé ó ń ṣépè. Ìbínú jáde tán pátápátá, ọ̀rọ̀ tó sì bọ́ sórí ọmọ jẹ́ ire. Bí ẹnu ìyá bá ti ya kí ó tó rántí ara ẹ̀, òun kan náà ló lè kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ, ọmọ á dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyá á sì fi omi tútù ṣàdúrà fún un.

Ọ̀nà kẹrin wọ́pọ̀ lẹ́nu Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì: wọ́n á fi ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. "Mo fi ẹ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́," "Ọlọ́run ń wò ẹ́." Kò sẹ́ni tó lè sọ pé èpè lo ṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kíá nígbà tó gbọ́ ọ, ẹni tí ì bá fi "Ṣàngó á pa ẹ́" rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, èpè tó ń lọ lónìí jù ni wọ́n ń fi àdúrà bò mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ìsọjí kan kẹ́ ẹ gbọ́ "Ọ̀tá mi, kú! Iná Ẹ̀mí Mímọ́, jó o!" kẹ́ ẹ wá ka nǹkan mẹ́ta tí mo sọ: ẹni tí yóò ṣe é wà ńbẹ̀, ohun tí yóò ṣe wà ńbẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe é fún nìkan ni wọn ò dárúkọ.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú: "Ọlọ́run á san án fún ẹ." Bí mo bá bá yín gbé ẹrù, ọpẹ́ ni. Bí mo bá jẹ yín lówó tí mo sì sẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó sọ, mi ò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ìdáhùn ẹni tí a sọ ọ́ fún ló ń fi hàn. Ẹni tó mọ̀ pé òun ṣe rere á ṣe "àmín" láìrò ó. Ẹni tó mọ ohun tí òun ṣe á fi ọwọ́ yí orí ẹ̀ ká, á ta ìka dànù, á ní "lórí ẹ ni."