Ẹ yé wo sílóòpù tí mítà kọ, ẹ wo ìlọ́po mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan

“Ẹ jọ̀ọ́, mítà wa ní sílóòpù ẹlẹ́kítíródù fúlóráìdì wa jẹ́ −55.0 mV, ìwé tó bá a wá sì ní 54 sí 60 ló dáa. Ṣùgbọ́n omi tí a mọ̀ pé ó jẹ́ 1.5 mg/L ń jáde bíi 1.3, kíkà rẹ̀ jẹ́ +56.4. Láti omi sítáńdáàdì 100 mg/L la ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 0.1. Kíkà wa nìyí: 100 = −49.0, 10 = +9.1, 1 = +66.2, 0.1 = +115.4. Níbo la ti ṣì í?”

Ẹ gbàgbé 55.0 yẹn ná. Sílóòpù ni iye mV tí kíkà fi ń yí padà bí fúlóráìdì bá yí padà ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ìlà kan ṣoṣo ni mítà fà gba àárín kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bẹ́ẹ̀ ibì kan péré ni àìsàn náà wà. Ẹ yọ kíkà kan kúrò nínú èkejì, ẹ ó rí i. Láti 100 sí 10, ìyàtọ̀ jẹ́ 58.1 mV. Láti 10 sí 1, ó di 57.1. Láti 1 sí 0.1, ó já wálẹ̀ sí 49.2.

Ní 25°C, 59.2 ló yẹ kó jẹ́. Bí yàrá yín bá tutù dé 20°C, 58.2 ni. Kírísítà tó wà nídìí ẹlẹ́kítíródù yín le koko nígbà náà. Ká ní ó ti gbó ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá jọ kéré. Èyí tó ń burú sí i bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ fi hàn pé fúlóráìdì díẹ̀ wà nínú gbogbo bíkà tí ẹ kò fi sí i. Ẹ fi 0.05 mg/L kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó. Lára 100, kò hàn rárá. Ṣùgbọ́n 1.05 sí 0.15 kì í ṣe ìlọ́po mẹ́wàá mọ́, ìlọ́po méje ni. Lọ́ọ̀gì 7 jẹ́ 0.845, ẹ fi 58.2 sọ ọ́ di púpọ̀, 49.2 gan-an ló bọ́ sí.

Ohun kan ṣì wà tó lè jọ ọ́. Ẹlẹ́kítíródù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi tó lágbára kì í tètè gbàgbé. Bí ẹ bá ti kà á kó tó gòkè tán nínú 0.1, mV rẹ̀ á kéré, á sì dà bíi pé fúlóráìdì pọ̀. Ọ̀nà láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ni aago. Ẹ po 25 mL sítáńdáàdì 0.1 tuntun mọ́ 25 mL TISAB, omi oníyọ̀ tí a ń pò mọ́ gbogbo omi tí a fẹ́ wọ̀n, nínú bíkà ọ̀rá, ẹ máa rò ó ní ìwọ̀n ìyára kan náà, kí ẹ sì fi fóòmù sábẹ́ bíkà kí ẹ̀rọ tó ń ro ó má baà mú un gbóná. Ẹ kọ kíkà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30, 30, títí dé ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá ṣì ń gòkè, àìdúró dè é ni. Bí ó bá dúró sí nǹkan bí 115, fúlóráìdì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wo ìdí ẹlẹ́kítíródù pẹ̀lú: ẹ̀kán afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ kírísítà á jẹ́ kí kíkà máa fò káàkiri. Ẹ tẹ ẹlẹ́kítíródù sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, á bọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ po omi dísítílì mọ́ TISAB láìfi sítáńdáàdì sí i. Bí ó bá mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gun òkè kọjá +180. Bí ó bá dúró sí nǹkan bí +143, 0.05 yẹn nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ omi dísítílì lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá yí padà, iyọ̀ tí wọ́n fi po TISAB ló gbé e wá.

Ní ti bí ẹlẹ́kítíródù ṣe ń yára tó, inú 10 ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe inú 0.1, torí ìsàlẹ̀ a máa lọ́ra lára èyí tó dáa pàápàá. Ẹ gbé e láti 1 sínú 10, kí ẹ ka àkókò tó fi ku 1 mV kó dé ibi tó máa dúró sí. Kò yẹ kó tó ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ju méjì lọ, nǹkan ti bo kírísítà: ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún, kí ẹ wá ṣan án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ á di 0.05 mìíràn sí yín lọ́rùn.

Látòní lọ, 0.1 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè. Ẹ má sì tíì ju èsì yín nù: ẹ lo 1 àti 10 nìkan, torí àárín wọn ni omi yín wà. 66.2 dín 56.4 jẹ́ 9.8, ẹ fi 57.1 pín in, 0.172 ni, ìyẹn 1.49 mg/L. Òdiwọ̀n tí WHO fi sí omi mímu ni 1.5, nítorí náà 1.3 tí mítà sọ yẹn ì bá ti sọ pé omi náà ṣì jìnnà sí ààlà.