Kerekere Etí Kì Í Ṣe Kerekere Orúnkún

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó fi jẹ́ etí ni àwọn àgbà máa ń fà bí ọmọ bá ṣẹ̀? Ẹnìkan ní torí pé etí ò ní egungun ni, pé kerekere inú rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti orúnkún."

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níbí, mi ò sì ní í dákẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé kerekere kan náà ló wà káàkiri ara. Oríṣi mẹ́ta ni: ẹlásítíìkì, hayalíìnì àti onífọ́nrán. Ohun tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ lọ bá alápatà ní Ọjà Ọba l'Ádó, kí ẹ ra etí ewúrẹ́ tútù. Ẹ ká a sí méjì, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Kíá ló máa na padà. Kerekere ẹlásítíìkì nìyẹn. Fọ́nrán ẹlásítíìnì ló kún àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n gba inú ara wọn kọjá lọ́tùn-ún lósì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tóbi, wọ́n sún mọ́ra, ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí méjì-méjì ni wọ́n sì sábà máa ń wà. Ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti máa ń ṣìnà nìyí: bí wọ́n bá fi aró lásán kun ún kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, fọ́nrán yẹn lè má hàn dáadáa, wọ́n á sì pè é ní hayalíìnì. Aró tí wọ́n ń pè ní ọsíìnì ni kí wọ́n lò. Á sọ fọ́nrán ẹlásítíìnì di pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sì ní sí àríyànjiyàn mọ́. Yàtọ̀ sí etí, irú rẹ̀ náà ló wà nínú ìdérí kékeré tó ń bo ọ̀nà èémí bí a bá ń gbé oúnjẹ mì.

Ti ọ̀nà ọ̀fun ni hayalíìnì. Ó ní fọ́nrán kọ́lájìn, àmọ́ wọ́n tín-ín-rín débi pé maikirosíkóòpù lásán kì í fi wọ́n hàn, ìdí nìyẹn tó fi ń dán bíi dígí. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń kóra jọ ní méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí sẹ́ẹ̀lì kan ló pín di gbogbo wọn. Òun náà ló wà ní ìparí egungun ìhà, níwájú àyà. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, kálísíọ́mù a máa wọ inú rẹ̀, á sì gan. Kerekere etí kì í gan bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ ká etí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ ó rí i pé ó ṣì ń rọ̀.

Torí náà, ohun tí èmi gbà gbọ́ ni pé àwọn àgbà wa ti fọwọ́ mọ̀ ọ́n kí maikirosíkóòpù tó dé. Wọ́n mú ibi tó ń ká tó sì ń padà sípò, kí ìbáwí má bàa di àbùkù. Bí ọwọ́ òsì bá bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fà á mọ́ra.

Orúnkún ní méjì lọ́tọ̀. Hayalíìnì tó ń yọ̀ ló bo orí egungun, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín egungun méjèèjì, bí òṣùká ṣe máa ń wà láàárín orí àti ẹrù, kerekere onífọ́nrán ni. Kọ́lájìn nínípọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín ìdì fọ́nrán yẹn. Ó wà láàárín àwọn egungun ẹ̀yìn náà.

Ohun tó ń dùn mí lónìí ni pé a ti gbàgbé ìwọ̀n. Ìgbátí ni wọ́n ń fọ́ ọmọ báyìí. Kerekere etí ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú; awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó ló ń fún un lóúnjẹ. Bí ìgbátí bá le, ẹ̀jẹ̀ á dà sáàárín awọ yẹn àti kerekere, oúnjẹ ò sì ní dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ ó rí i pé òkè etí wú, ó ń rọ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìlà ara etí á sì pa rẹ́. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún un nílé. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí dókítà fa ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde, kó sì di etí náà mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa tún kóra jọ. Bí ẹ bá fi falẹ̀, kerekere náà á kú, èyí tí awọ yẹn bá sì hù dípò rẹ̀ á le gbagidi, á sì ká jọ, etí ọmọ ò sì ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.