Òpó tó wà lára aṣọ ìyá àgbà yín

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo fótò yìí, aṣọ ìyá ìyá mi ní Kàbà ni. Kí ni ìtumọ̀ òpó àti ṣíbí inú ẹ̀? Ẹnì kan ní aṣọ yìí ti wà látayé ogun Núpé, pé òpó yẹn dúró fún agbára ọba ayé àtijọ́, ṣé òótọ́ ni?"

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ yàwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sáró, Ìbàdàndùn lorúkọ ẹ̀, kò sí iyàn níbẹ̀. Òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn ni wọ́n yà yẹn, ṣíbí ló máa n wà láàárín wọn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, torí náà kò sí bí aṣọ tó ní òpó yẹn ṣe lè ti wà látayé ogun Núpé, ẹni yòówù tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ti agbára ọba yẹn, àbá lásán ni. Lójú tèmi, ó jọ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ìpo Bùnú lẹni yẹn gbé wá síbẹ̀, aṣọ pupa tí wọ́n n lò fún ìsìnkú èèyàn ńlá àti fún egúngún, ìyẹn ní ipò nínú lóòótọ́, àmọ́ aṣọ híhun ni, kò bá èyí tan.

Ṣíbí, ṣíbí ni, ìyẹn dájú. Kéèyàn wá ní ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ pọ̀ n'Ìbàdàn, ìméfò nìyẹn, bó tiẹ̀ dùn-ún gbọ́.

Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n rèé. Mo ra irú aṣọ yìí lọ́wọ́ ìyá kan n'Ìsánlú, ẹyẹ kan wà nígun ẹ̀, mo sì sọ fún oníbàárà pé ẹyẹ yẹn túmọ̀ sí àwọn ìyá wa, mo tiẹ̀ fi lé owó. Nígbà tó yá mo gbé e fún ìyá àgbà kan tó ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sáṣọ nígbà tó wà lọ́mọge n'Ìbàdàn. Ó fọwọ́ tọ ẹyẹ náà, ó ní, "Àyè ló ṣẹ́kù, ọmọ mi, mo bá ya ẹyẹ sí i. Pẹ́pẹ́yẹ ni." Mo dá owó oníbàárà padà, ojú tì mí gan-an ni.

Látìgbà yẹn, orúkọ odindi aṣọ àti ohun tí wọ́n yà nìkan ni mo n pè ní òótọ́, ìyókù mo máa n sọ pé èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ ya fótò ẹ̀yìn aṣọ náà ránṣẹ́. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n n fi ẹ̀kọ sí, aró á wọ ẹ̀yìn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ búlúù látòkè délẹ̀. Tí òpó yẹn bá hàn ketekete lójú méjèèjì, aṣọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe àfarawé, ẹ ò gbọ́dọ̀ pè é ní iṣẹ́ ìyẹ́ adìyẹ mọ́. Ẹ sún mọ́ òpó kan náà ká rí i bóyá ìlà ẹ̀ n gbọ̀n díẹ̀, ìlà ọwọ́ kì í dọ́gba. Tí gbogbo òpó bá bára wọn mu bí ọmọ ìbejì, páànù tí wọ́n gé ni wọ́n fi tẹ ẹ̀kọ sí i, bí wọ́n ṣe n ṣe l'Ábẹ́òkúta.