Má fọwọ́ kan àkọtọ́: bí "Ofa" ṣe lè mú "Ọ̀fà" jáde

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo kó orúkọ àwọn ọmọ ìlú wa àti ọ̀rọ̀ inú oríkì wọn sínú SQLite. Bí mo bá tẹ Ofa, Ọ̀fà kì í jáde. Ṣé kí n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò ni, àbí ọ̀nà kan wà tí àkọtọ́ tó pé á ṣì máa hàn?"

Àbúrò mi, ọ̀nà wà, má yọ ohunkóhun. Fi àkọtọ́ sílẹ̀ nínú kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀, kí o wá ṣe ẹ̀dà kan tó wà ní ìhòòhò, láìsí àmì kankan, sínú kọ́lọ́ọ̀mù mìíràn. Ẹ̀dà ìhòòhò yẹn ni kọ̀ǹpútà á máa wá, àkọtọ́ ni á máa gbé síta fún àwọn èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o ṣe UPDATE lórí àkọtọ́ fúnra rẹ̀, sá fún un, ì báà jẹ́ ọ̀gá tó ní oyè ńlá ńlá lára ògiri ọ́fíìsì.

Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sanwó fún lápá Ìgbómìnà, pé kó bá wa tún àkójọ orúkọ ẹgbẹ́ ṣe. Ìbéèrè tìrẹ yìí gan-an ni a bi í. Kò bèèrè ẹ̀dà, kò ṣe ẹ̀dà. Ó to lẹ́tà sílẹ̀, pé kí ẹ di e, kí ọ di o, kí ṣ di s, kí à àti á di a, ó sì da á lé gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù náà lórí. Nígbà tí a ní kó dá a padà, ó ní kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Irọ́ ni. Nígbà tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bá ti di oko tán, kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè sọ fún ọ èwo ni èwo. Fọ́ọ̀mù orí bébà la padà lọ tú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni omi ti bà jẹ́. Ilé àwọn àgbà la ń lọ bèèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn ti kú kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ tiwọn ò ní àmì títí di òní.

Èyí tó wá tún burú ni pé ìyọkúrò tó ṣe náà kò mọ́. Ibí ni kí o ti farabalẹ̀, torí ibẹ̀ ni tìrẹ náà á ti kọsẹ̀. Lójú tìrẹ, Ọ̀ jẹ́ lẹ́tà kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Yúníkóòdù fún Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECC, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ọ tó tún ní àmì ohùn lórí. Àmì ohùn náà á dá dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni, U+0300 fún àmì ìsàlẹ̀, U+0301 fún àmì òkè. Oríṣiríṣi ẹni ló sì ń tẹ iṣẹ́, oríṣiríṣi kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń lò. Tẹ eléyìí fún Ọ̀fà tó wà nínú fáìlì rẹ, o ó rí i:

```python
[hex(ord(c)) for c in oro]
```

Ẹnìkan á ti kọ Ọ̀ ní 1ecc àti 300. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ ní d2 àti 323, ìyẹn ni pé ó tẹ Ò kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkẹta á kọ ọ́ ní 4f, 323 àti 300. Ẹnìkẹrin kò fi àmì roboto sábẹ́ rẹ̀ rárá, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ló fi sí i, 4f, 329 àti 300. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra lójú ìwé, pàápàá bí fọ́ǹtì bá kéré. Tó bá jẹ́ pé o ń fi wọ́n wéra lásán, ìlú mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà rí.

Wá wo ohun tí títo lẹ́tà sílẹ̀ ṣe sí àkọ́kọ́ nínú wọn. Ọ di O lóòótọ́, à di a, ṣùgbọ́n 300 tó dá dúró yẹn kò sí nínú ohun tí ọ̀gá tò sílẹ̀, ló bá jókòó síbẹ̀. Ohun tó kù ni Òfa. O wò ó, o rò pé ó gbàgbé Ò ni, o fi Ò kún ohun tó tò, o tún un ṣe, kò yí padà, torí Ò tí o fi kún un jẹ́ d2, èyí tó wà nínú fáìlì jẹ́ 4f àti 300. Bí o bá fẹ́ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọ, fi len() wọn ọ̀rọ̀ náà. Ofa gbọ́dọ̀ jẹ́ 3. Bí ó bá jẹ́ 4, àmì kan ṣì ń fara pamọ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, tú gbogbo lẹ́tà palẹ̀ ná, kí o tó yọ àmì. NFD ló ń ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn tó bá ti tú u, gbogbo àmì á dá dúró, o ó sì lè gbá wọn dànù láìbèèrè èwo ni èwo:

```python
import unicodedata as u

def tu(s, pa_abe_mo=False):
    s = u.normalize("NFD", s).casefold()
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    s = "".join(c for c in s
        if not "\u0300" <= c <= "\u036f"
        or (pa_abe_mo and c == "\u0323"))
    return u.normalize("NFC", s)
```

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ofa. NFD nìkan kò mọ̀ pé 329 àti 323 jẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́ àwa Yorùbá, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìlà tó ń pààrọ̀ wọn síbẹ̀. Inú ẹ̀dà nìkan ni kí o ti pààrọ̀ wọn o. Ẹni tó fi ìlà kékeré kọ orúkọ bàbá rẹ̀, fi sílẹ̀ fún un.

Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń kọ ọ́ pé kí a yọ gbogbo ohun tí category rẹ̀ bá jẹ́ Mn, ìyẹn orúkọ tí Yúníkóòdù fún àmì tí kì í gba àyè tirẹ̀. Ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìlọrin la wà. Tí àwọn ààfáà bá fún ọ ní ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, fatha àti kasra, àmì fáwẹ̀lì inú rẹ̀, Mn ni gbogbo wọn, wọ́n á lọ. Hamza orí alif náà á lọ, torí NFD ń tú u kúrò lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí o fẹ́ nìyẹn, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bèèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó ṣe é. Èyí tí mo kọ sókè yìí kì í kọjá 300 sí 36f, kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.

O ó rí i pé mo fi pa_abe_mo síbẹ̀. Ẹni tó tẹ ọkọ̀ kò fẹ́ rí oko lókè. Àmọ́ ẹni tó ń fi fóònù kékeré tẹ oko lè máa wá ohunkóhun nínú wọn. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni kí o ṣe, ìhòòhò pátápátá, àti èyí tó pa àmì abẹ́ mọ́ tó sọ ohùn nù:

```sql
CREATE TABLE oro (id INTEGER PRIMARY KEY,
  akoto TEXT, abe TEXT, ihoho TEXT);
CREATE INDEX oro_ihoho ON oro(ihoho);

SELECT akoto FROM oro WHERE ihoho = :ihoho
ORDER BY akoto = :nfc DESC, abe = :abe DESC;
```

Wò ó bó ṣe ń lọ. Ẹnìkan tẹ ọkọ̀. Ìhòòhò rẹ̀ ni oko, gbogbo ìdílé náà á jáde. ọkọ̀ tó bá a mu gẹ́lẹ́ á wà lókè, ọkọ, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ á tẹ̀lé e torí àmì abẹ́ wọn bára mu, oko á wà nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oko ló tẹ̀, oko á gòkè, àwọn yòókù á wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tó sọnù. Ohun tí ẹni náà tẹ̀, inú tu() kan náà ni kó gbà, ìyẹn ò gba àlàyé. Kí akoto àti :nfc jẹ́ NFC, èyí tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà tó wà fún ìbámu gẹ́lẹ́ kò ní ṣiṣẹ́. Sísọ ọ̀rọ̀ di NFC kò ba ohunkóhun jẹ́ lójú ìwé.

Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o lọ lo MySQL, pé utf8mb4_0900_ai_ci máa ń fojú fo àmì fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bí o bá fi UNIQUE sórí kọ́lọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ọkọ àti ọkọ̀ ti di ọ̀kan náà, kò ní gba ìkejì. Bí ẹni tó ń kó o wọlé bá lo INSERT IGNORE, á fò ó láìdá iṣẹ́ dúró, á kàn fi ìkìlọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà sílẹ̀. Orúkọ èèyàn ló ń lọ bẹ́ẹ̀. utf8mb4_0900_as_cs, èyí tó ń ka àmì sí, ni kí akoto jẹ́, bí o bá kúkú máa lọ síbẹ̀.

Oríkì gígùn ńkọ́? FTS5, irinṣẹ́ SQLite fún wíwá ọ̀rọ̀ nínú ìwé gígùn, ni kí o lò, pẹ̀lú tokenize = "unicode61 remove_diacritics 2". Á wá a láìka àmì sí, highlight() rẹ̀ á sì gbé àkọtọ́ síta bó ṣe wà. Àmọ́ dán 329 wò lórí rẹ̀ ná, kò sí lára àmì tó ń yọ, ó máa ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì níbẹ̀.

Ó ku ti ìjọba. Offa ni wọ́n ń kọ, f méjì, kò sì sí àmì tí o máa yọ tí ofa á fi di offa. Share náà rèé ní Ìfẹ́lódùn: ṣ rẹ̀ á di s lọ́dọ̀ rẹ, ará ìlú á máa tẹ sh. Adéṣínà di adesina nínú ẹ̀dà, bẹ́ẹ̀ Adeshina ló wà lórí káàdì ìdìbò onítọ̀hún. Nígbà tí mo sọ fún akọ̀wé kan pé kó kọ orúkọ mi bó ṣe yẹ, ó ní ẹ̀rọ àwọn kì í gba "ohun tó wà lábẹ́ yẹn". Má gbìyànjú láti fi òfin kan sọ sh di s nínú tu(), torí orúkọ bíi Ishaq wà nínú àkójọ gbogbo ará Ìlọrin, s àti h inú rẹ̀ sì ń dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kì í ṣe ṣ. Ṣe tábìlì kékeré kan fún orúkọ àpèlé, id àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ìta, kí offa, share àti adeshina wà nínú rẹ̀, kí wíwá máa wo ibẹ̀ náà. Ọwọ́ ni wàá fi tẹ̀ wọ́n.