Ṣíà fún ọ̀dọ́ tó ń gbowó oṣù

Ọmọ ọdún 25 ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé kí n fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó mi ra ṣíà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí iṣẹ́ yín bá fìdí múlẹ̀, nítorí pé owó oṣù ọdún 35 tó kù níwájú ni ọrọ̀ yín tó tóbi jù. Ká ní ₦320,000 nínú ₦400,000 tí ẹ ti fi pamọ́ wà nínú ṣíà, tí ọjà sì já dé ìdajì, ₦160,000 ni àdánù yín, èyí tí ìfipamọ́ ₦20,000 lóṣù yóò dí láàárín oṣù mẹ́jọ. Ní ọmọ ọdún 58, lórí ₦8,000,000, irú àdánù bẹ́ẹ̀ á di ₦3,200,000, owó oṣù ọdún méjì péré ni yóò sì kù. Lójú tèmi, kí ṣíà jẹ́ ìdá 80 nínú 100 títí ẹ ó fi pé ọmọ ọdún 40, ìdá 60 ní ọmọ ọdún 50, ìdá 30 ní ọmọ ọdún 60, kí ìyókù wà nínú bọ́ǹdì ìjọba.