Ọ̀rọ̀ àṣírí nínú mínìítì ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù

"Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń gba mínìítì wa. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ gbèsè?"

Akọ̀wé wa, ẹ má yọ ọ́ kúrò pátápátá o. Ẹ fi nọ́ńbà ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú mínìítì gbogbogbòò: "6. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó kan: wo Àfikún A, ti ìgbìmọ̀ nìkan." Orúkọ, iye owó àti ìpinnu á wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, pẹ̀lú déètì ìpàdé kan náà.

Ìsàlẹ̀ mínìítì, níbi tí a ti ń pín iṣẹ́, ni àṣírí ti sábà máa ń tú: "Akápò á pe Ìyá Bísí." Ó parí nìyẹn! Ẹ kọ ọ́ sínú Àfikún.

Ní ìpàdé tó kàn, kí ìgbìmọ̀ ka Àfikún náà, kí alága buwọ́ lù ú, kí ẹ sì gba gbogbo ẹ̀dà padà.