Ṣájà tó ń kùn, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jó lábẹ́lẹ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣájà láptọ́ọ̀pù mi ń dún wíín-wíín lóru, ó sì ń gbóná. Ṣé ó lè jólé ni, àbí kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà."

Àbúrò, tó bá jẹ́ wíín tóóró tó dọ́gba ló ń dún, tí kò sì sí òórùn kankan, sùn ní tìrẹ. Wáyà tí wọ́n ká sínú ṣájà ló ń gbọ̀n. Ṣájà máa ń tan iná, á tún pa á, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú, etí wa kì í sì í gbọ́ èyí. Bí bátìrì bá ti fẹ́ kún, iṣẹ́ rẹ̀ á dín kù, á wá máa ṣiṣẹ́ díẹ̀, á máa sinmi díẹ̀. Ìyẹn ni etí ń gbọ́. Àwọn ọmọdé tiẹ̀ ń gbọ́ ọn ju àwa àgbà lọ.

Èyí tó yẹ kó lé ọ dìde lórí ibùsùn ni èyí tó ń ta pàrà-pàrà, tó ń dákẹ́, tó tún ń ta, pàápàá tí ohùn rẹ̀ bá yí padà bí pọ́lọ́ọ̀gì bá mì. Ìyẹn kì í ṣe ohùn ṣájà mọ́. Iná ló ń fò láàárín irin sọ́kẹ́ẹ̀tì àti pínnì.

Parakin ni mo ti mọ èyí. Ẹni tó gbé yàrá wa ṣáájú wa ń lo ṣájà onípínnì roboto méjì. O mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ìdérí báírò ni wọ́n á kì bọ ihò òkè kí ihò méjì ìsàlẹ̀ lè ṣí, wọ́n á wá fipá ti pínnì wọlé. Pínnì pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe ihò yẹn fún o. Èyí tó rí roboto kì í jókòó dáadáa níbẹ̀, ó sì ń fẹ irin inú rẹ̀. Nígbà tí a fi máa kó dé, kò sí pọ́lọ́ọ̀gì tí a kì bọ ibẹ̀ tí kì í mì.

Ṣájà mi ń ta pàrà. Mo gbé e lọ sí Lágéré, ọ̀gá tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní ó ti bàjẹ́, ló bá ta tuntun fún mi. Tuntun náà ń ta pàrà. Mo pe oníná. Kò tiẹ̀ ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò! Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní bí ewu bá wà, fúùsì á ti já. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú. Ìgbà tí iná tó ń kọjá bá pọ̀ jù ni fúùsì ń já. Níbi tí irin ò ti pàdé dáadáa, iná tó ń kọjá ò pọ̀ sí i rárá, ooru ló ń kó jọ sójú kan. Fúùsì áńpù 13 á wà níbẹ̀ digbí títí ike á fi yọ́.

Ṣájà wáàtì 65 kì í fa tó áńpù 1, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kó tó hàn. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 ló tú àṣírí, torí ó ń fa áńpù 4 lé díẹ̀. Ìyàwó mi ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbóòórùn bí ẹja, ó rò pé aládùúgbò ló ń dáná. Ìgbà tó fẹ́ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ó kọ̀, kò jáde: ike ti yọ́ mọ́ pínnì kan. A pa iná pátá níbi mítà kí a tó fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí oníná mìíràn tú u, irin apá kan dúdú bí ìdí ìkòkò, ike tó yí i ká ti yọ́, tí irin apá kejì sì ń dán bíi tuntun.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi sukudiráífà tú ṣájà wò. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná tó lé ní fóòtì 300, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Tó bá sì jẹ́ orí ínfátà olówó pọ́ọ́kú nìkan ni ṣájà ti ń kùn, ínfátà ni kí o bá wí.

Ooru tí o bi mí: ṣájà wáàtì 65 ń sọ bíi wáàtì 7 di ooru bó bá ń ṣiṣẹ́ kíkún, nítorí náà ara rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí o bá lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé e kí o sì fi sílẹ̀ níbẹ̀, kò burú, àmọ́ má gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí kò bá ṣeé fọwọ́ gbà, tàbí ó wú, tàbí ó ń rùn, jù ú nù. Bí ṣájà bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, pa suwíìṣì, yọ ṣájà, kí o fọwọ́ kan ike tó yí pínnì ká. Bí ibẹ̀ bá gbóná ju ikùn ṣájà lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí o pààrọ̀. Ṣé pínnì tìrẹ rí pẹlẹbẹ, àbí roboto ni?